Àwòrán Irin Tó Lè Purọ́

Ká mú ọ̀pá ẹ̀rọ ìfami kan tó ṣẹ́ sí méjì. Ọ̀pá náà fẹ̀ ní 40 mìlímítà, sítíìlì tí wọ́n fi ṣe é ní kábọ́nù ìdá 0.45 nínú ọgọ́rùn-ún, ibi tí wọ́n gbẹ́ fún kíì ló sì ti ṣẹ́. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ní àwọn tó ṣe ọ̀pá ló jẹ̀bi. Ó ní ṣe ni wọ́n mú un gbóná, tí wọ́n tì í bọ omi, tó fi le jù, tí kò sì lè tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Àwọn tó ṣe é fárí gá: afẹ́fẹ́ lásán ni àwọn fi tù ú, kò sí omi níbẹ̀ rárá.

Maikirosikóòpù lè dá ẹjọ́ yìí. Bí ó bá jẹ́ pé nínú afẹ́fẹ́ ni sítíìlì yìí ti tutù, nǹkan méjì ni yóò hàn nínú àwòrán rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni fẹ́ráìtì, irin rírọ̀ tí kábọ́nù fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀, tó máa ń funfun. Ìkejì ni pẹ́láìtì, tó máa ń ṣú dúdú, nítorí pé ìpele fẹ́ráìtì àti ìpele sẹ̀mẹ́ńtáìtì, àdàpọ̀ irin àti kábọ́nù tó le, ló tò léra wọn tín-ín-rín tín-ín-rín. Bí ó bá jẹ́ pé omi ló tù ú lójijì, kò ní sí èyíkéyìí nínú méjèèjì nítòsí ojú òde rẹ̀. Mátẹ́ńsáìtì ni yóò kún ojú ibẹ̀, rírí rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ó sì le fíìfíì.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń tọ́jú ègé irin náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá mátẹ́ńsáìtì sílẹ̀ níbi tí kò sí, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó sì fi ṣe ẹ̀rí. Àwòrán tó wúruwùru kì í ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, nítorí pé gbogbo ẹni tó bá rí i ló mọ̀ pé iṣẹ́ ò tíì parí. Èyí tó dán, tó mọ́ kedere, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì sí lára irin tẹ́lẹ̀, ni ó yẹ ká bẹ̀rù.

Iṣẹ́ fífi maikirosikóòpù wo irin ti dàgbà díẹ̀. Henry Clifton Sorby, ará Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1863. Òkúta ló kọ́kọ́ ń fi maikirosikóòpù wò: á yún un títí yóò fi tín-ín-rín débi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Irin kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá bó ti wù kí a yún un tó. Sorby bá mú ojú irin dán, ó fi ásíìdì díẹ̀ jẹ ẹ́, ó sì tan ìmọ́lẹ̀ lé e lórí kó lè ta padà sínú awò. Ní 1864 ó gbé àwọn àwòrán náà lọ síwájú ìpàdé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nílùú Bath. Ó rí ohun kan tó ń dán bí ìkarahun péálì nínú sítíìlì, òun náà ni pẹ́láìtì tí a dárúkọ lókè, ṣùgbọ́n àwọn ọdún 1880, nígbà tó ti ní awò tó lágbára sí i, ló tó rí ìpele inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣe náà la ṣì ń ṣe: gígé, mímú dán, ásíìdì. Rẹ́síìnì tí a fi ń di ègé irin mú ni wọ́n wá fi kún un lẹ́yìn náà.

Gbogbo ìpele iṣẹ́ yìí ló ń ṣe irin léṣe. Dísìkì ìgérin ń jó o, sáńpépà ń tẹ ojú rẹ̀ wọ̀ọ̀wọ̀, aṣọ ìpọ́líìṣì ń rẹ etí rẹ̀ sílẹ̀, ásíìdì ń gbẹ́ ihò sí i. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ kó ọgbẹ́ tí ìpele iwájú rẹ̀ dá kúrò, kí tirẹ̀ má sì jìn tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọgbẹ́ kan bá ti ṣẹ́kù sábẹ́ ni irọ́ ti ń wọ àwòrán.

Ká padà sídìí ọ̀pá wa. Ìpinnu àkọ́kọ́ ni ibi tí a ó ti gé e. Ojú ibi tó ṣẹ́ gan-an jẹ́ ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé e, fọwọ́ pa á tàbí gbìyànjú láti so méjèèjì pọ̀ wò. Ìpinnu kejì ni ìhà tí a ó dojú ègé náà kọ. Nígbà tí wọ́n ń na sítíìlì gbọọrọ di ọ̀pá, ìdọ̀tí kéékèèké inú rẹ̀, pàápàá àdàpọ̀ mángáníìsì àti súfúrù, ń nà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá gé ọ̀pá ní ìbú yóò rí wọn bí ẹ̀kán kékeré, yóò sì rò pé irin náà mọ́. Ẹni tó gé e ní òró yóò rí i pé okùn gígùn ni wọ́n. Ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí nǹkan fi ṣẹ́ ní láti gé méjèèjì.

Irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù ni gíráńdà ọwọ́, òun náà ló sì ń ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́. Dísìkì rẹ̀ ń yí láìsí omi, iná ń fọ́n, irin ibi tí dísìkì ń gbà kọjá sì lè gbóná ju 727 °C lọ. Láti ìwọ̀n yìí lọ ni ètò inú sítíìlì ti ń tú, tí kábọ́nù inú pẹ́láìtì ń yòrò sínú irin. Lójú ẹsẹ̀ tí dísìkì bá kúrò, irin tútù tó kù lẹ́yìn yóò fa ooru náà lójijì, bí ìgbà tí a ti ì bọ omi gan-an. Èsì rẹ̀ ni mátẹ́ńsáìtì, èyí tí ẹni tó ni ẹ̀rọ ń wá, ṣùgbọ́n gíráńdà ló fi í síbẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ojú ibi tí a gé máa ń ní àwọ̀ búlúù tàbí ti búráùn tó tẹ̀ kọdọrọ, tó ń tẹ̀lé ipa yíyípo dísìkì. Bí àwọ̀ náà bá rọra pọ́n, sáńpépà àkọ́kọ́ yóò nù ún kúrò lójú, ooru tó wọlé sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ó lè jìn ju ìdajì mìlímítà lọ. Iná gáàsì àwọn wẹ́dà tún burú ju èyí lọ, nítorí pé ooru tirẹ̀ ń rìn jìnnà. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti já ọ̀pá ńlá sílẹ̀, kí wọ́n fi iná gé e jìnnà réré sí ibi tí a fẹ́ wò, kí ẹ̀rọ olómi tó wá gé ègé kékeré náà jáde.

Ẹ̀rọ tó yẹ ni èyí tí omi ń ṣàn lé dísìkì àti irin lórí láìdáwọ́ dúró. Dísìkì náà sì ní òfin kan tó ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu: irin tó bá le gan-an ló ń fẹ́ dísìkì tó rọrùn láti jẹ. Irin líle ń yára pa ẹnu èérún dísìkì kú, tí dísìkì náà bá sì le, èérún tó kú kò ní jábọ́ kí tuntun tó mú rọ́pò rẹ̀. Ohun tó kù ni kí dísìkì máa fi ara ra irin, ìfaraara yẹn sì ni ooru. Ẹni tó bá rí i pé dísìkì kò gé mọ́, tó wá ń tì í pẹ̀lú agbára, ń jó ègé rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn gígé, ègé náà kéré jù láti dì mú dáadáa, a ó sì dì í sínú rẹ́síìnì. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀rọ tó ń mú lúúlúú békéláìtì gbóná tó 150 sí 180 °C, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra yíká irin. Ó yá, kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìkejì ni ẹpọ́kìsì olómi tí a ń dà lé e lórí, tó ń gan fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Èyí tó yá ni ọ̀pọ̀ ń yàn. Fún ọ̀pá tó tutù nínú afẹ́fẹ́ kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti mátẹ́ńsáìtì tuntun, 180 °C ti tó láti rọ̀ ọ́ lójú díẹ̀, kí ásíìdì sì jẹ ẹ́ dúdú ju bó ṣe yẹ lọ. Níwọ̀n bí ẹjọ́ tó wà níwájú wa ti jẹ́ ti mátẹ́ńsáìtì gan-an, ẹpọ́kìsì ló yẹ.

Ìnira tó wà nínú rẹ́síìnì ni àlàfo. Bí rẹ́síìnì ṣe ń gan ló ń sún kì, bí ó bá sì yọ ara rẹ̀ kúrò lára irin, ihò tóóró kan á ṣẹ́ yíká ègé náà. Èérún sáńpépà á wọ ibẹ̀, yóò sì máa jáde níkọ̀ọ̀kan láti máa ha ojú irin nígbà tó yẹ kó ti máa dán. Omi àti ásíìdì á tún lúgọ síbẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti jẹ irin tí a sì ti gbẹ ẹ́, wọ́n á yọ́ jáde, wọ́n á sì fi àbàwọ́n aláwọ̀ búráùn sí etí rẹ̀. Ẹlòmíràn ti pe irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ ní ìpẹta rí. Kí a fi ọtí fọ ọ̀rá kúrò lára ègé náà kó tó wọ rẹ́síìnì ń dín ìyọnu yìí kù gan-an.

Etí ọ̀pá yìí sì ni gbogbo ọ̀rọ̀, torí ibi kíì lójú òde ni ìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Rẹ́síìnì rọ̀ ju sítíìlì lọ, nítorí náà aṣọ ìpọ́líìṣì ń jẹ ẹ́ wọlé jù, etí irin á wá dà bí òkè tó rọra ń sọ̀kalẹ̀. Lábẹ́ awò tó lágbára, etí tó sọ̀kalẹ̀ yìí kò ní sí lójú kan náà pẹ̀lú àárín, yóò ṣú bàìbàì, ìpele tínrín tí kábọ́nù ti jó kúrò lára rẹ̀ á sì bọ́ lójú ẹni tó ń wò ó. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi níkẹ́ẹ̀lì bo ègé náà kó tó wọ rẹ́síìnì, tàbí kí wọ́n po èérún líle mọ́ ẹpọ́kìsì, kí etí má bàa dá wà.

Nígbà tó bá kan sáńpépà, ìgbàgbọ́ tó gbajúmọ̀ ni pé bí ìlà híha bá ti pòórá, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èérún sáńpépà kì í kàn gbẹ́ irin, ó ń tì í, ó ń wọ́ ọ, ó ń fún un pọ̀. Irin tó wà lábẹ́ ìlà náà ti yí padà jìn ju ìlà fúnra rẹ̀ lọ. Ìlà lè ti kúrò, kí ojú irin máa dán bíi dígí, kí irin tó yí padà náà sì ṣì wà lábẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà tí ásíìdì bá kàn án, yóò jẹ ibi tó yí padà yìí kíá ju àyíká rẹ̀ lọ, àwọn ìlà tó ti kúrò á sì tún padà yọ, bí ẹni pé wọ́n kò lọ rí. Leonard Samuels, ará Ọsirélíà, ló lo ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìpele abẹ́ ojú yìí, ìmọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ètò tí ilé ìwádìí ń tẹ̀lé dá lé lórí.

Ètò náà kò ṣòro. Fún ọ̀pá wa, a lè bẹ̀rẹ̀ láti sáńpépà sílíkọ́ọ̀nù kábáìdì nọ́ńbà 240, ká lọ sí 320, 400 àti 600, omi ń ṣàn lé wọn lórí. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan a ó yí ègé náà ní ìdá mẹ́rin òbírí, kí ìlà tuntun lè dábùú ti àtijọ́. Nígbà tí ti àtijọ́ bá pòórá, a ó tún fi iye àsìkò kan náà gbo ó sí i, torí ọgbẹ́ abẹ́ ilẹ̀ tí a sọ yẹn. Lẹ́yìn náà a ó fọ ègé àti ọwọ́. Èérún kan ṣoṣo láti 240 tó bá tẹ̀ lé wa dé orí aṣọ dáyámọ́ǹdì lè ba iṣẹ́ ìdajì wákàtí jẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nílé ìwádìí tí owó kò pọ̀ sí ni lílo sáńpépà tó ti kú. Sáńpépà ń pàdánù ẹnu rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn kì í gé mọ́, ó kàn ń fi ara ra irin, ó ń tẹ̀ ẹ́ lójú, ìpele tó yí padà á sì máa nípọn sí i. Owó sáńpépà tí a rò pé a fi pamọ́, inú fọ́tò la ti san án.

Dáyámọ́ǹdì 9 máíkírọ́ọ̀nù, 3 àti 1 ló tẹ̀ lé e lórí aṣọ, ká wá fi àlúmínà tàbí sílíkà tó kéré sí ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkírọ́ọ̀nù parí rẹ̀. Aṣọ tí kò ní irun dára fún àwọn ìpele àkọ́kọ́, torí ó ń jẹ́ kí ojú irin tẹ́. Aṣọ onírun ń mú un dán, ṣùgbọ́n bí a bá pẹ́ lórí rẹ̀, yóò máa jẹ ohun rírọ̀ ju ohun líle lọ. Ìdọ̀tí líle á yọrí sókè, ìrù bíi ti ìràwọ̀ onírù á sì fà lẹ́yìn rẹ̀ sí apá kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rí ìrù wọ̀nyí kí ó mọ̀ pé ọ̀nà kan náà ló di ègé mú sí láìyí i, tàbí pé ó pẹ́ jù.

Ó yẹ ká yà díẹ̀ sídìí irin dídà aláwọ̀ eérú, torí ibẹ̀ ni ìpọ́líìṣì ti ń parọ́ jù. Ọ̀pọ̀ àwo tí ń lọ ata nínú ẹ̀rọ ìlọta ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, àwọn adárin ìbílẹ̀ ló dà wọ́n, láti ara irin àlòkù bí àgbá ẹ́ńjìnnì. Gíráfáìtì inú irin bẹ́ẹ̀ rí bí ewé tó ká, ó sì rọ̀. Sáńpépà tó le jù lè fà á yọ, ihò á sì kù. Aṣọ tó kù díẹ̀ káàtó lè wọ́ irin bò ó lójú, ewé gíráfáìtì á sì dà bíi pé ó tínrín ju bó ṣe rí lọ. Ẹni méjì lè tọ́jú ègé kan náà, kí ọ̀kan sọ pé gíráfáìtì rẹ̀ pọ̀, kí èkejì sọ pé kò tó nǹkan. Gíráfáìtì gidi ní àwọ̀ eérú, etí rẹ̀ sì mú. Ihò tí a fà yọ dúdú biribiri, etí rẹ̀ á sì wó. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ wo ègé lábẹ́ awò kí ásíìdì tó kàn án. Gíráfáìtì, ìdọ̀tí, ihò àti lílà, gbogbo wọn ló hàn nígbà náà. Bí ásíìdì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, kò rọrùn mọ́ láti mọ èyí tó jẹ́ ti irin àti èyí tó jẹ́ ti ásíìdì.

Ásíìdì tí a ń lò fún sítíìlì bẹ́ẹ̀ ni náítálì: mìlílítà méjì ásíìdì náítíríìkì nínú mìlílítà 98 ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ásíìdì la ń rọra dà sínú ọtí, a kì í da ọtí lé ásíìdì. Àpòpọ̀ tí ásíìdì rẹ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù kò yẹ kó wà nínú ìgò tí a dé pa, torí gáàsì lè kún inú rẹ̀ kó fọ́ gbàù. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló tó. Kò sí aago tó lè rọ́pò ojú, bí dídán bá ti ṣú díẹ̀ ni ká dá ásíìdì dúró. Fi omi ṣàn án, fi ọtí ṣàn án, kí afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́rọ́ gbẹ ẹ́. Ẹni tó bá fi omi sílẹ̀ lójú rẹ̀ ní Èkó, níbi tí afẹ́fẹ́ tutù rinrin, kò ní pẹ́ rí ìpẹta.

Bí ásíìdì kò bá jẹ tó, ààlà láàárín àwọn èso irin kò ní hàn. Bí ó bá jẹ jù, pẹ́láìtì á di àbàwọ́n dúdú kan tí ìpele inú rẹ̀ ti pòórá, ihò á sì máa hàn lójú fẹ́ráìtì. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ jù kò lè fi ọtí tún un ṣe. Orí aṣọ dáyámọ́ǹdì ni kí ó padà sí. Àwọn kan máa ń lo píkírálì, gíráàmù mẹ́rin ásíìdì píkíríìkì nínú mìlílítà 100 ẹ́tánọ́ọ̀lù, bó bá jẹ́ ìpele pẹ́láìtì ni wọ́n fẹ́ rí kedere. Kì í fi ààlà fẹ́ráìtì hàn dáadáa, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì lè bú bí ó bá gbẹ, torí náà náítálì ló ṣì wọ́pọ̀.

Níbi ọ̀pá wa, ẹni àkọ́kọ́ tó tọ́jú ègé náà fi gíráńdà ọwọ́ gé e, kò sì fi sáńpépà wọlé jìn. Fọ́tò rẹ̀ dára: abẹ́rẹ́ mátẹ́ńsáìtì kedere, ìtẹ̀sí rẹ̀ kọdọrọ lójú ègé náà. Ìtẹ̀sí yẹn ló fi í hàn, torí omi tó bá tu ọ̀pá lójijì kì í ṣe ìlà kọdọrọ. Láti ojú òde ni líle á ti bẹ̀rẹ̀ yíká ọ̀pá, kó máa wọ inú. Wọ́n yún ojú ègé náà jìn tó mìlímítà kan pẹ̀lú omi, wọ́n tún un dán, wọ́n tún fi náítálì jẹ ẹ́. Mátẹ́ńsáìtì ti lọ. Fẹ́ráìtì funfun àti pẹ́láìtì dúdú ló wà níbẹ̀, láti ojú òde dé àárín, kábọ́nù tó wà lójú òde kò sì dín sí ti àárín.

Ìṣirò kékeré tún wà tó lè ti èyí lẹ́yìn. Fẹ́ráìtì ń gba kábọ́nù tó tó ìdá 0.02 mọ́ra, pẹ́láìtì ń gba ìdá 0.77. Bí a bá yọ 0.02 kúrò nínú 0.45, tí a sì fi 0.75 pín in, 0.57 ni yóò jáde, ìyẹn ni pé díẹ̀ ju ìdajì ojú àwòrán lọ ló yẹ kó jẹ́ pẹ́láìtì. Bí ọ̀pá bá yára tutù díẹ̀, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí a bá rí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe sítíìlì tí wọ́n kọ sórí ìwé ni. Wọ́n fi òṣùwọ̀n Vickers wọn líle rẹ̀ níbi mélòó kan, gbogbo rẹ̀ súnmọ́ 200. Mátẹ́ńsáìtì inú sítíìlì bẹ́ẹ̀ yóò ti kọjá 600. Ojú ibi tó ṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò gé, ní ìlà ìlà bí ipa omi etí òkun, tí wọ́n ń fẹ̀ jáde láti igun ojúhò kíì. Ọ̀pá náà ti ń là díẹ̀díẹ̀ tipẹ́ kó tó já, igun kíì tí wọ́n gbẹ́ ṣóńṣó ni ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ omi nínú rẹ̀.